Bí a ṣe ń wá a àti b nígbà tí wọ́n ti sọ iye límíìtì fún wa

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ tú rèé, irú ẹ̀ kì í wọ́n nínú ìwé ìbéèrè Fọ́dà Máàtì tí àwọn ọmọ ń fótòkọ́pì káàkiri Àgbọ́wọ́, ó sì tún ń dúró de àwọn ọmọ ọdún kìíní ní Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ọmọ Pólì ní Sáńgò:

```
lim (x→2)  (x² + ax + b)/(x − 2) = 7
```

Wọ́n ní ká wá a àti b. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba èèyàn ni pé ìkuéṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, nǹkan méjì la sì ń wá, ṣebí gbogbo wa la ti kọ́ ọ pé tí nǹkan tí a ò mọ̀ bá jẹ́ méjì, ìkuéṣọ̀n méjì la nílò. Òótọ́ ni, a ṣì nílò méjì. Ìkejì ẹ̀ wà nínú ìbéèrè yẹn fúnra ẹ̀, wọn ò kàn kọ ọ́ síta ni, ibi tó fara pa mọ́ sí ni pé límíìtì yẹn ní iye, nọ́ńbà gidi ni, kò sá lọ sí ìnfíníìtì. Ẹni tó bá rí èyí ti rí gbogbo nǹkan, ìyókù ò ju áljẹ́bírà lọ.

Mo máa pe apá òkè fírákíṣọ̀n ní òkè, mo máa pe apá ìsàlẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ká má fi orúkọ gígùn da ara wa láàmú.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ wo ìsàlẹ̀ ná

Kí ẹ tó fọwọ́ kan a tàbí b rárá, ẹ fi 2 sí ipò x ní ìsàlẹ̀. 2 − 2, òdo nìyẹn. Èyí ló ń sọ irú ìbéèrè tó wà lọ́wọ́ yín. Tí ìsàlẹ̀ ò bá di òdo, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá o. Ká ní wọ́n kọ lim (x→1) (ax + b)/(x + 1) = 3, ìsàlẹ̀ ń lọ sí 2, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, ẹ kàn fi 1 sí i, (a + b)/2 = 3, a + b = 6, ó parí. Ìkuéṣọ̀n kan péré lẹ máa rí, a àti b èyíkéyìí tó bá sì ti jẹ́ 6 lápapọ̀ á ṣiṣẹ́, àfi tí wọ́n bá tún fún yín ní ọ̀rọ̀ míì nípa wọn. Mo tẹnu mọ́ èyí torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti gbọ́ pé "òkè gbọ́dọ̀ di òdo" ló máa ń lò ó fún gbogbo límíìtì tó bá ti ní a àti b nínú, wọ́n á wá kọ a + b = 0 síbi tó yẹ kí a + b jẹ́ 6.

Ìgbésẹ̀ kejì: tí ìsàlẹ̀ bá di òdo, ẹ sọ òkè náà di òdo

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí àkọ́sórí, torí ìdí ẹ̀ gan-an la máa tún lò nígbà tí ìbéèrè bá le. Ẹ pe òkè ní f, ẹ pe ìsàlẹ̀ ní g. Níwọ̀n ìgbà tí x ò tíì dé 2, g kì í ṣe òdo, a sì lè kọ ọ́ pé f = (f/g) × g. Wọ́n ti sọ fún wa pé f/g ń lọ sí 7. A ti rí i fúnra wa pé g ń lọ sí òdo. Tí nǹkan méjì bá ń lọ síbi tó ní iye, ìsọdipúpọ̀ wọn á lọ sí ìsọdipúpọ̀ àwọn iye yẹn, nítorí náà f ń lọ sí 7 × 0, òdo sì nìyẹn. Ẹ ṣàkíyèsí pé 7 yẹn ò ṣe nǹkan pàtàkì kankan níbí, bó bá jẹ́ 100 tàbí −3 tàbí òdo pàápàá, òkè á ṣì di òdo. Ohun tí a lò kò ju pé ó jẹ́ nọ́ńbà gidi. Tí wọ́n bá sọ pé ìdáhùn jẹ́ ìnfíníìtì, gbogbo ohun tí mo sọ yìí ti wó nìyẹn.

Ẹ tún lè wò ó bí Máíkírà méjì tó ń lọ sí Dùgbẹ̀, tí à ń fi ọ̀nà tó kù fún ọ̀kan pín ọ̀nà tó kù fún èkejì. Tí ti ìsàlẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Dùgbẹ̀ tí ti òkè ṣì dúró sí Mọ́kọ́lá, iye tí à ń rí á máa ga sí i ni, kò ní dúró síbì kan. Kó tó lè dúró lórí nọ́ńbà kan, àfi kí àwọn méjèèjì jọ máa wọlé.

Ó ti yá, ẹ fi 2 sí òkè: 4 + 2a + b = 0. Ìkuéṣọ̀n tó fara pa mọ́ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ báyìí pé b = −4 − 2a.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ rọ́pò b, ẹ gé ohun tó ń fa òdo, ẹ wá lo 7

Òkè ti di x² + ax − 4 − 2a. Ó lè jọ pé kò ṣeé fátọ̀ráìsì, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe, torí a ti fi dandan mú un pé kó di òdo tí x bá jẹ́ 2, tó túmọ̀ sí pé (x − 2) wà nínú ẹ̀. Ẹ pín in sí ọ̀nà méjì, x² − 4 lápá kan, ax − 2a lápá kejì:

```
x² − 4 + ax − 2a = (x − 2)(x + 2) + a(x − 2)
                 = (x − 2)(x + 2 + a)
```

(x − 2) òkè àti ti ìsàlẹ̀ gé ara wọn, ó ku x + 2 + a, fi 2 sí i, 4 + a = 7, a = 3. Ẹ padà sí ìkuéṣọ̀n àkọ́kọ́, b = −4 − 6 = −10.

Ẹ má dúró síbẹ̀ o, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. x² + 3x − 10 jẹ́ (x − 2)(x + 5), tí (x − 2) bá kúrò ó ku x + 5, tó ń lọ sí 7. Ó wọlé. Àyẹ̀wò yìí ò gbà tó ìṣẹ́jú kan, mo sì fẹ́ kí ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò yín, torí ohun tí a fi ṣe ìṣirò yẹn ni pé "tí límíìtì bá wà, a àti b gbọ́dọ̀ jẹ́ báyìí", ìdà kejì ọ̀rọ̀ náà, pé a àti b yìí ń mú 7 wá lóòótọ́, àyẹ̀wò ló ń fi í hàn.

Ibi tí òfin Lopítàà ti ń gbé b mì

Ní tutóríà, ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nípa iṣẹ́ yìí ni, "Bọ̀dá, mo rí a, b ńkọ́? b ti pòórá." Ẹni tó béèrè ti lo òfin Lopítàà. Ó dífá òkè, ó rí 2x + a, ó dífá ìsàlẹ̀, ó rí 1, ó fi 2 sí i, 4 + a = 7, a = 3. Gbogbo ẹ̀ tọ̀nà lójú, àmọ́ b jẹ́ kọ́nsítáǹtì, tí ẹ bá dífá kọ́nsítáǹtì òdo ló ń dà, b ti lọ nìyẹn. Àwọn kan á wá kọ pé b lè jẹ́ nọ́ńbà yòówù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká dán b = 1 wò pẹ̀lú a = 3, ká fi x = 2.001 sí (x² + 3x + 1)/(x − 2). Òkè jẹ́ 11.007001, ìsàlẹ̀ jẹ́ 0.001, ìdáhùn ti di 11007. Ẹ fi 1.999 sí i, ó di −10993. Níbo ni 7 wà nínú ìyẹn?

Òfin yẹn, bí Lopítàà ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1696, fún òdo lórí òdo ni. Ẹ ò gbọ́dọ̀ lò ó kí ẹ tó rí i dájú pé òkè ń lọ sí òdo pẹ̀lú ìsàlẹ̀, nínú irú ìbéèrè tiwa yìí, rírí i dájú yẹn gan-an ló ń bí ìkuéṣọ̀n b. Nítorí náà mi ò ní kí ẹ má lo Lopítàà. Ohun tí mo ń sọ ni pé, kí ẹ tó dífá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró, ẹ fi iye x sí òkè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jẹ́ òdo. Ìlà kan ni. Àmọ́ inú ìlà yẹn ni b ń gbé.

Tí rúùtù bá wà níbẹ̀

Èyí ò ní pẹ́, torí ìgbésẹ̀ kan náà ni.

```
lim (x→3)  (√(ax + b) − 5)/(x − 3) = 2/5
```

Ìsàlẹ̀ di òdo ní 3, òkè gbọ́dọ̀ di òdo, √(3a + b) = 5, tó jẹ́ pé 3a + b = 25. Láti mú rúùtù kúrò, ẹ fi √(ax + b) + 5 sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀, òkè á di ax + b − 25. Ẹ wá fi b = 25 − 3a sí i, ó di ax − 3a, a(x − 3) nìyẹn, (x − 3) gé ara wọn, ó ku a lórí √(ax + b) + 5. Rúùtù yẹn ń lọ sí 5, nítorí náà a/10 = 2/5, a = 4, b = 13. Àyẹ̀wò: fi x = 3.01 sí i, √25.04 jẹ́ nǹkan bíi 5.0039984, yọ 5 kúrò, pín in pẹ̀lú 0.01, 0.39984, ó ti sún mọ́ 0.4 dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún àmì o. Tó bá jẹ́ √(ax + b) + 5 ni wọ́n kọ sí òkè, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Rúùtù kì í lọ sísàlẹ̀ òdo, òkè ò ní kéré ju 5 lọ láéláé, kò lè di òdo, kò sí a àti b kankan tó lè mú límíìtì yẹn ní iye. Àwọn tó bá sáré kọ √(3a + b) = −5 tí wọ́n wá sọ ọ́ di 3a + b = 25 á rí nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn á sì jẹ́ irọ́.

Tí nǹkan tí à ń wá bá jẹ́ mẹ́ta

Ibí ló dùn jù, ó sì jẹ́ ibi tí ìdí tí mo ṣàlàyé lókè ti ń wúlò.

```
lim (x→0)  (a·e^(2x) + b·e^x + c)/x² = 3
```

Kọ́nsítáǹtì mẹ́ta, ìkuéṣọ̀n kan lójú. Ìsàlẹ̀ jẹ́ x², kì í sì í kàn di òdo lásán, ó ń yára ju x lọ láti di òdo. Nítorí náà òkè náà gbọ́dọ̀ yára tó bẹ́ẹ̀, kò tó kó kàn di òdo nígbà tí x bá jẹ́ òdo.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni ká tú e^x sí páwà x, a ó dúró níbi x² torí x² ló wà nísàlẹ̀:

```
e^x    = 1 + x  + x²/2 + …
e^(2x) = 1 + 2x + 2x²  + …
```

Ìlà e^x ni a ó fi b sọ di púpọ̀, ìlà e^(2x) ni a ó fi a sọ di púpọ̀, kí ẹ wá fi c kún un. Kí ẹ kó àwọn tó jọra pọ̀:

```
òkè = (a + b + c) + (2a + b)x + (2a + b/2)x² + …
```

Nígbà tí ẹ bá fi x² pín gbogbo ẹ̀, apá àkọ́kọ́ di (a + b + c)/x², ìkejì di (2a + b)/x, ìkẹta di 2a + b/2 láìní x kankan lára, àwọn tó kù lẹ́yìn ẹ̀ ṣì ní x lára, wọ́n á di òdo. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn ló lè bà á jẹ́. Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé wọn ò lè pa ara wọn, kí ọ̀kan jẹ́ pọ́sítíìfù kí èkejì jẹ́ nẹ́gétíìfù? Wọn ò lè ṣe é. Ẹ fi x² sọ gbogbo ẹ̀ di púpọ̀ padà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ṣe pẹ̀lú f àti g: 3 × 0 jẹ́ òdo, ohun tó kù lápá kejì sì ni a + b + c nìkan, nítorí náà a + b + c = 0 láìwo ti èkejì rárá. Nígbà tí ìyẹn bá ti kúrò lọ́nà, ẹ fi x nìkan sọ ọ́ di púpọ̀, 2a + b = 0 á jáde lọ́nà kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dá jáde, láti orí èyí tó kéré jù ní páwà lọ sókè.

Ó wá ku 2a + b/2 = 3. Látinú 2a + b = 0, b = −2a, fi í sí i, 2a − a = 3, a = 3. b = −6. c = −a − b = 3. Àyẹ̀wò ẹ̀ wù mí gan-an: 3e^(2x) − 6e^x + 3 jẹ́ 3(e^x − 1)², e^x − 1 lórí x sì ń lọ sí 1, nítorí náà gbogbo ẹ̀ ń lọ sí 3.

Ẹni tó bá fẹ́ Lopítàà lè lò ó, kó ṣáà máa dúró kọ ìlà ẹ̀. Àkọ́kọ́, fi òdo sí òkè: a + b + c = 0. Dífá: (2a·e^(2x) + b·e^x) lórí 2x. Ìsàlẹ̀ ṣì ń di òdo, nítorí náà 2a + b = 0. Dífá lẹ́ẹ̀kan sí i: (4a·e^(2x) + b·e^x) lórí 2, ìsàlẹ̀ ò di òdo mọ́, ẹ wá lo 3: (4a + b)/2 = 3. Ìkuéṣọ̀n mẹ́ta kan náà ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn tètè dúró nígbà tó ń tú e^x. Ẹni tó kọ e^x = 1 + x tó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á rí a + b + c = 0, á rí 2a + b = 0, á wá dé ìkẹta á rí 0 = 3. Tí ẹ bá rí irú èyí, pé ìkuéṣọ̀n tó kẹ́yìn ò ní a tàbí b kankan nínú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ tú u dé páwà tó wà nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ náà fúnra ẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Ká ní wọ́n fi 1 − cos x sí ipò x² ńkọ́? 1 − cos x bẹ̀rẹ̀ láti x²/2, kì í ṣe x². Ìkuéṣọ̀n méjì àkọ́kọ́ ò yí padà, àmọ́ ìkẹta á di (2a + b/2) ÷ (1/2) = 3, tó jẹ́ 4a + b = 3, a di 3/2, b di −3, c di 3/2. Ìdajì gbogbo wọn. Ọmọ tó bá gbàgbé ìdajì yẹn á rí ìdáhùn tó rẹwà tó sì jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó rí.

Ìgbà tí kò ní sí ìdáhùn, ìgbà tí á pọ̀

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló ní ìdáhùn kan péré, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ẹ wo (a·sin x + bx)/x², tí wọ́n ní kó lọ sí 5 bí x ṣe ń lọ sí òdo. sin x jẹ́ x − x³/6 + …, kò ní x² nínú rárá. Òkè jẹ́ (a + b)x − (a/6)x³ + …, ó di dandan kí a + b jẹ́ òdo, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo ẹ̀ á lọ sí òdo, kò lè lọ sí 5. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé kò sí a àti b tó lè ṣe é, kí ẹ sọ ìdí. Tí wọ́n bá sọ ìsàlẹ̀ di x³, ọ̀nà ti là: a + b = 0, −a/6 = 5, a = −30, b = 30. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa fi kakulétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láìpẹ́.

Ó lè jẹ́ pé kọ́nsítáǹtì kan ò ní ṣe nǹkan kan. (ax² + bx + c)/x tó ń lọ sí 4: c = 0, b = 4, a lè jẹ́ ohun tó bá wù ú. Ìyẹn náà ìdáhùn ni, ẹ kọ ọ́.

Ó sì lè jẹ́ méjì:

```
lim (x→0)  (cos(ax) − b)/x² = −8
```

Òkè ní òdo jẹ́ 1 − b, nítorí náà b = 1. cos(ax) jẹ́ 1 − a²x²/2 + …, −a²/2 = −8, a² = 16, a = 4 tàbí a = −4. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, torí kọ́sáìnì ò mọ ìyàtọ̀ láàárín 4x àti −4x. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni −4, àfi tí ìbéèrè bá ti sọ pé a > 0. Tó bá sì jẹ́ 8 ni wọ́n kọ, láìsí nẹ́gétíìfù, a² á jẹ́ −16, kò sí nọ́ńbà gidi tó lè ṣe é.

Nígbà tí àwọn tí a ò mọ̀ bá wà nísàlẹ̀

Wọ́n lè da ìbéèrè wa àkọ́kọ́ dojú dé: (x − 2)/(x² + ax + b) ń lọ sí 1/7 bí x ṣe ń lọ sí 2. Báyìí òkè ló ń di òdo. Tí ìsàlẹ̀ ò bá di òdo, gbogbo ẹ̀ á lọ sí òdo, 1/7 kì í sì í ṣe òdo, nítorí náà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ di òdo, 4 + 2a + b = 0, ẹ ti mọ ìyókù, a = 3, b = −10. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ìdí tí a lò níbí yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tí ìsàlẹ̀ ló ń di òdo, a ní iye yòówù tó bá ti jẹ́ nọ́ńbà gidi á ṣe é. Níbí, àfi kí iye yẹn má jẹ́ òdo. Tí wọ́n bá ní (x − 2)/(x² + ax + b) ń lọ sí òdo, kò sí ohun tó fi dandan mú ìsàlẹ̀ láti di òdo, gbogbo a àti b tí 4 + 2a + b ò bá ti jẹ́ òdo ló máa ṣiṣẹ́.

Bí a ṣe ń fi kakulétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ mú 30(x − sin x)/x³ tí a rí lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kó sún mọ́ 5. Ẹ fi x = 0.1 sí i. Sáìnì 0.1 jẹ́ 0.0998334, ìyàtọ̀ ẹ̀ sí 0.1 jẹ́ 0.00016658, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 30, ẹ fi 0.001 pín in, ẹ máa rí nǹkan bíi 4.9975. Ó dára.

Tí ẹ bá rí 2947.64 ńkọ́? Ẹ má pa ìṣirò yín rẹ́. Kakulétọ̀ yín wà ní dìgírì ni, ẹ yí i sí rédíánì. Sáìnì tó bẹ̀rẹ̀ láti x, e^x tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 + x, kọ́sáìnì tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 − x²/2: ti sáìnì àti kọ́sáìnì yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ àfi ní rédíánì.

Ẹlòmíì á ní tí 0.1 bá dára, 10⁻⁸ á dára jù. Ó fi í sí i, ó rí òdo, ọkàn ẹ̀ dà rú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé sáìnì 10⁻⁸ àti 10⁻⁸ fúnra ẹ̀ jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn díjíìtì tí kakulétọ̀ lè rántí ò tó láti rí ìyàtọ̀ wọn, ló bá yọ wọn kúrò nínú ara wọn, kò ku nǹkan kan. Bákan náà ni 3e^(2x) − 6e^x + 3, nọ́ńbà ńláńlá mẹ́ta ni wọ́n ń yọ kúrò lára ara wọn kí èyí tó kéré gan-an tó ṣẹ́ kù. Ẹ dúró sí 0.1 àti 0.01, ẹ lo àwọn méjèèjì, kí ẹ wò ó bóyá èkejì sún mọ́ iye tí wọ́n fún yín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Pẹ̀lú 3(e^x − 1)²/x², 0.1 ń fún yín ní nǹkan bíi 3.318, 0.01 ń fún yín ní nǹkan bíi 3.030. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sí 3, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí ọ̀kan nínú a, b àti c bá ṣì, ẹ ò ní rí i kó rọra sún mọ́ 3 báyìí: tó bá jẹ́ c ni ẹ fi sí 3.1 dípò 3, 0.1 á fún yín ní bíi 13.3, 0.01 á fún yín ní bíi 1003, ìfò yẹn sì ń sọ fún yín pé ìkuéṣọ̀n a + b + c = 0 lẹ ti ṣì í, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí.